Baumwolle Kì Í Ṣe Irun Àgùntàn

Ẹni tó bá ra súwẹ́tà òkìrìkà tó ti Jámánì wá, kó kọ́kọ́ wo aṣọ pélébé tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀. Bó bá rí Baumwolle, òwú ni. Fífọ̀ rẹ̀ ò le. Schurwolle ló gba ìṣọ́ra: irun àgùntàn ni, èyí tí àwọn ará Ítálì ń kọ ní lana vergine.

Ká ní wọ́n kọ ọ́ báyìí: 80% Schurwolle, 20% Polyamid, Handwäsche. Irun àgùntàn ló pọ̀ jù, náílọ́ọ̀nù ni ìyókù, ọwọ́ ni kí wọ́n sì fi fọ̀ ọ́. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ tíntìntín lára bíi ti ẹja. Omi gbígbóná àti bíbó a máa mú kí àwọn ìpẹ́ náà kọ́ra wọn, súwẹ́tà àgbàlagbà á wá sún kì, á di ti ọmọdé. Kò ṣeé tún ṣe mọ́! Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí kò ju 30 digirí lọ ni kí ẹ lò. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ má lọ́ ọ fún, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹ. Bílíìṣì ńkọ́? Ẹ má dán an wò, ńṣe ló ń jẹ irun.

Bí wọ́n bá ti gé pélébé náà kúrò, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ fi iná ràn án. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná. Òwú á rùn bíi bébà.