Ìṣàn Iná Tí Kì Í Ṣiṣẹ́ Tí Ó Sì Ń Gba Ààyè

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìlagi kan ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ wa lónìí. Tiransifọ́mà tí ó ń fún ilé iṣẹ́ náà ní iná gbóná janjan, àwọn wáyà ńlá tí ó gbé iná wọlé gbóná pẹ̀lú. Síbẹ̀, bí a bá wo mítà, iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ ń ṣe kò tó ohun tí tiransifọ́mà náà lè gbé. Ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ ti ń wá owó tí yóò fi ra tiransifọ́mà tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó tó ná owó náà, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó jókòó sí ààyè tí ó kù.

Iná tí a ń lò kì í ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní Nàìjíríà, ó ń lọ síwájú, ó sì ń padà sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan méjì ni kí a fi ọkàn sí nínú rẹ̀. Èkíní ni ipá tí ń ti iná, èyí tí a ń fi fóólìtì wọ̀n. Èkejì ni ìṣàn iná fúnra rẹ̀, èyí tí a ń fi áńpíà wọ̀n. Nínú áyọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ, ipá àti ìṣàn jọ ń gbé ẹsẹ̀ pọ̀ ni. Bí ipá bá ga, ìṣàn a ga. Bí ipá bá rẹlẹ̀, ìṣàn a rẹlẹ̀. Gbogbo agbára tí áyọ̀nù bá gbà ni ó ń sọ di ooru. Kì í dá ohunkóhun padà.

Mọ́tò tí ń yí ayùn kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò oníná ni mo ń wí, kì í ṣe ti ojú títì. Kí ó tó lè yí, wáyà tí a lọ́ mọ́ irin inú rẹ̀ ní láti sọ irin náà di òòfà. Òòfà yìí ń gba agbára, ṣùgbọ́n kì í jẹ ẹ́ run. Bí ìṣàn bá ń ga, òòfà a yá agbára. Bí ìṣàn bá ń rẹlẹ̀, a dá a padà sójú wáyà. Ìgbà 100 ni yíyá àti dídá padà yìí ń wáyé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni ó mú kí ìṣàn inú mọ́tò máa rìn lẹ́yìn ipá tí ń tì í, tí wọn kò fi gbé ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́.

A lè wá pín ìṣàn mọ́tò sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ń yí ayùn ni a ó pè ní ìṣàn aṣiṣẹ́. Èyí tí òòfà ń yá tí ó sì ń dá padà ni a ó pè ní ìṣàn àyálò. Ìṣàn àyálò dà bí èrò tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà, tí kò rà, tí kò tà, tí ó sì tún bá ọkọ̀ náà padà wálé. Kò ná ohunkóhun lọ́jà, ṣùgbọ́n ó jókòó, ẹni tí ó ní ọjà láti tà kò sì rí ààyè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé ìlagi wa. Tiransifọ́mà rẹ̀ lè gbé kílófóólìtì-áńpíà 100. Iṣẹ́ gidi tí àwọn mọ́tò ń ṣe jẹ́ kílówáàtì 60. Ẹrù àyálò tí òòfà wọn ń béèrè jẹ́ 80. Ẹnì kan lè ní 60 àti 80 jẹ́ 140. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì kì í dé góńgó pọ̀; nígbà tí ọ̀kan bá wà ní góńgó, òfo ni èkejì. Bí a ti ń ṣe ìṣirò igun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan ṣe déédéé ni a ó ṣe é:

√(60² + 80²) = 100

Tiransifọ́mà ti kún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kílówáàtì 60 péré ni ó ń ṣiṣẹ́. Ìdá tí iṣẹ́ gidi jẹ́ nínú gbogbo ẹrù ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní páwà fákítọ̀. Àwa yóò pè é ní ìpín iṣẹ́. Níhìn-ín, 60 nínú 100, èyíinì ni 0.6.

Mítà tí ó wọ́pọ̀ kò lè fi èyí hàn, nítorí agbára tí a lò tán nìkan ni ó ń kà. Èyí tí a yá tí a sì dá padà kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ohun èlò ìwọn-áńpíà mú wáyà náà yóò rí i. Ní fóólìtì 415, áńpíà 139 ni yóò bá lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyà mẹ́ta tí ó gbé iná wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣàn aṣiṣẹ́ nìkan ni, áńpíà 83 ni ì bá bá níbẹ̀. Ooru inú wáyà kò bìkítà bóyá ìṣàn ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́: bí áńpíà bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ooru yìí ni agbára tí ó ṣòfò ní tòótọ́.

Kí ni àtúnṣe rẹ̀? Kapásítọ̀ ni. Òun náà ń yá agbára, ó sì ń dá a padà, ṣùgbọ́n àsìkò tirẹ̀ yàtọ̀: nígbà tí òòfà bá ń dá padà ni kapásítọ̀ ń gbà, nígbà tí òòfà bá sì ń béèrè ni kapásítọ̀ ń fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá wà nítòsí ara wọn, àwọn méjèèjì yóò máa yá ara wọn, kò ní sí ìdí fún àyálò láti máa ti ọ̀nà jíjìn wá. Bí a bá so kapásítọ̀ tí ó lè gbé 60 nínú 80 náà mọ́ ilé ìlagi wa, 20 ni yóò kù:

√(60² + 20²) ≈ 63

Ìpín iṣẹ́ ti di 0.95. Áńpíà 139 ti wálẹ̀ sí 88, ooru inú wáyà sì ti dín kù sí ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ayùn kò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù rárá, síbẹ̀ tiransifọ́mà àtijọ́ ti ní ààyè fún ẹ̀rọ mìíràn.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe yìí ní ààlà. Láti ibi tí a so kapásítọ̀ mọ́ títí dé orísun iná nìkan ni ó ti ń mú ìtura wá. Wáyà tí ó wà láàárín òun àti mọ́tò ṣì ń ru ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a gbé e sún mọ́ mọ́tò, kí a sì máa tàn án pọ̀, kí a máa pa á pọ̀. Bí a bá pa mọ́tò lálẹ́ tí kapásítọ̀ ṣì wà lójú iná, ẹrù àyálò tirẹ̀ ni wáyà yóò tún máa rù, fóólìtì sì lè ga ju bí ó ti yẹ lọ. Kapásítọ̀ a tún máa di agbára mú lẹ́yìn tí a bá ti pa iná. Kí oníṣẹ́ iná má ṣe fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ó ti tú agbára náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì so irú rẹ̀ mọ́ ilé gbígbé nítorí kí owó iná lè wálẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí mítà ilé kò ka àyálò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí a tó ra kapásítọ̀ pàápàá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí mọ́tò ti tóbi tó. Ohun tí òòfà ń béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, ìbáà jẹ́ pé ayùn ń la igi ìrókò tàbí pé ó ń yí lásán. Nítorí náà mọ́tò ńlá tí a fún ní iṣẹ́ kékeré ni ìpín iṣẹ́ rẹ̀ ń burú jù lọ. Ẹ fi ìwọn-áńpíà mú wáyà mọ́tò tí ń yí lásán: áńpíà yóò ṣì pọ̀ níbẹ̀, nígbà tí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn. Ní ilé ìlagi tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mọ́tò tí ó bá iṣẹ́ mu ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi kapásítọ̀ tán ìyókù.