Agbára tó mọ níwọ̀n: bí ọ́fíìsì kékeré ṣe lè pín àkáùntì kọ̀ǹpútà rẹ̀

Nínú ètò ààbò kọ̀ǹpútà, ìlànà kan wà tó sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní agbára ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà lọ. Akọ̀wé tó ń tẹ lẹ́tà kò nílò àṣẹ láti yí ètò inú kọ̀ǹpútà padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kàn ń ka ìwé owó-oṣù kò nílò àṣẹ láti pa á rẹ́. Jerome Saltzer àti Michael Schroeder, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Amẹ́ríkà, to ìlànà yìí mọ́ àwọn ìlànà ààbò mìíràn nínú àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n gbé jáde ní 1975. Àlàyé wọn ni pé bí àṣìṣe tàbí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọṣẹ́ rẹ̀ kò ní lè kọjá ibi tí agbára ẹni tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá mọ.

Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í dá ènìyàn mọ̀, àkáùntì ló ń dá mọ̀. Ètò yòówù tí ẹnì kan bá sì ṣí, agbára àkáùntì onítọ̀hún ló máa fi ṣiṣẹ́. Bí akọ̀wé bá ṣí ìwé ayédèrú kan tó bá ímeèlì wọlé, tí kòkòrò sì wà nínú rẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà, akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ohun tí kòkòrò náà ń ṣe. Àwọn kòkòrò kan wà tó ń ti fáìlì pa kí ọ̀daràn lè béèrè owó kó tó ṣí wọn. Gbogbo fáìlì tí akọ̀wé bá láṣẹ láti kọ nǹkan sí ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè tì pa, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ pé kíkà nìkan ni wọ́n fún akọ̀wé láṣẹ láti ṣe, kòkòrò náà kò ní lè yí i padà. Tó bá wá jẹ́ pé àkáùntì alábòójútó ni akọ̀wé ń lò, kòkòrò náà lè pa ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, kó sì jí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn mìíràn tó ti lo ẹ̀rọ kan náà, kó fi wọ ẹ̀rọ míì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ Code Spaces ní oṣù kẹfà ọdún 2014 fi hàn bí ó ṣe lè burú tó nígbà tí gbogbo agbára bá wà lójú kan. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn, orí ẹ̀rọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Amazon ni wọ́n sì kó o sí. Ọ̀daràn kan wọ ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkóso àwọn ẹ̀rọ náà, ó béèrè owó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà, àṣé ọ̀daràn náà ti dá àkáùntì mìíràn sílẹ̀ fún ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó gba ibẹ̀ wọlé padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́. Kí wọ́n tó gba àkóso padà, ó ti pa púpọ̀ nínú dátà àwọn oníbàárà rẹ́, pẹ̀lú ẹ̀dà ìpamọ́ tí wọ́n ṣe nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn kò lè máa bá iṣẹ́ lọ mọ́. Ojú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ náà ni wọ́n ti lè pa ẹ̀dà ìpamọ́ rẹ́, ẹni tó bá sì ti wọ ibẹ̀, ohun gbogbo ló ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bí ọ́fíìsì kékeré ṣe lè yẹra fún irú èyí yóò hàn kedere bí a bá fi ọ́fíìsì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ́fíìsì oníṣirò owó kan nílùú Ìbàdàn ní ọ̀gá kan, oníṣirò méjì, akápò, akọ̀wé àti agùnbánirọ̀ kan. Kọ̀ǹpútà Windows mẹ́fà ni wọ́n ń lò, ímeèlì àti fáìlì wọn sì wà lórí Google Workspace. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan máa ń wá láti ìta bí nǹkan bá bàjẹ́.

Orí ìwé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan kọ̀ǹpútà. Wọ́n á kọ orúkọ ipò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí ẹni tó wà nípò náà ń ṣe lọ́sẹ̀ sí iwájú rẹ̀, àti fódà tí iṣẹ́ náà kàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè lórí fódà kọ̀ọ̀kan: ṣé kíkà ló nílò ni, àbí kíkọ? Nínú ọ́fíìsì yìí, àwọn oníṣirò ń kọ ìwé ìṣirò oníbàárà, akápò ń kọ ìwé owó-oṣù, akọ̀wé ń kọ lẹ́tà, ó sì ń ka àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì oníbàárà. Agùnbánirọ̀ ń bá oníṣirò kan ṣiṣẹ́ lórí oníbàárà mẹ́ta péré. Kò sí ẹni tó nílò ìwé owó-oṣù àyàfi akápò àti ọ̀gá. Ohun tí kò bá sí lórí ìwé yìí, wọn kò ní fún ẹnikẹ́ni láṣẹ rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Àwọn kọ̀ǹpútà ló kàn. Àkáùntì àkọ́kọ́ tí Windows bá dá sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tuntun máa ń jẹ́ ti alábòójútó, ìyẹn `Administrator`, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kékeré, alábòójútó ni gbogbo òṣìṣẹ́ láìmọ̀. Láti tún un ṣe, wọ́n á kọ́kọ́ dá àkáùntì alábòójútó tuntun sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tó yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ yòókù, wọ́n á sì wọ inú rẹ̀ láti rí i dájú pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n á tó lọ sí `Settings`, `Accounts`, `Other users`, kí wọ́n yí àkáùntì tí òṣìṣẹ́ ń lò lójoojúmọ́ sí `Standard User`. Bí wọn kò bá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ti ara wọn mọ́ ìta. Láti mọ àwọn tó ṣì jẹ́ alábòójútó lórí ẹ̀rọ kan, wọ́n lè tẹ àṣẹ yìí:

```
net localgroup Administrators
```

Orúkọ tó yẹ kó jáde ni ti àkáùntì tuntun náà, pẹ̀lú `Administrator` tí Windows fúnra rẹ̀ máa ń ní, tó sì máa ń wà ní pípa. Orúkọ òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, títí kan ti ọ̀gá. Ọ̀gá ló sábà máa ń kọ̀ jù, ṣùgbọ́n ímeèlì ẹ̀tàn sábà máa ń dójú sọ òun náà. Bó bá fẹ́ fi ètò tuntun sórí ẹ̀rọ rẹ̀, Windows yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó, yóò tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ á sì parí.

Ìṣòro kan sábà máa ń yọjú níbi yìí. Ètò ìṣirò àtijọ́ kan lè kọ̀ láti ṣí fún `Standard User`, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà á sì ní kí wọ́n dá oníṣirò padà sí alábòójútó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á ni pé ètò náà ń kó fáìlì rẹ̀ sínú fódà tí alábòójútó nìkan lè kọ nǹkan sí. Ojútùú tó tọ́ ni kí wọ́n fún oníṣirò láṣẹ `Modify` lórí fódà yẹn nìkan, nínú `Properties` àti `Security`. Nípa bẹ́ẹ̀, ibì kan péré ni àṣẹ rẹ̀ fi gbòòrò sí i, kì í ṣe orí gbogbo ẹ̀rọ.

Lórí Google Workspace, ẹgbẹ́ ni kí wọ́n máa fún ní àṣẹ, kì í ṣe ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dá ẹgbẹ́ oníṣirò, ẹgbẹ́ owó-oṣù àti ẹgbẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, wọ́n á so fódà mọ́ ẹgbẹ́, wọ́n á sì fi orúkọ òṣìṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ tó yẹ ẹ́. Bí akọ̀wé bá di akápò lọ́la, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n á fi sí òmíràn, kò sí pé wọ́n ń wá gbogbo fódà kiri. Níbi tí `Shared drives` bá wà, `Viewer` ń kà nìkan, `Contributor` ń fi fáìlì kún un, ó sì ń tún un kọ, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́. `Contributor` ló yẹ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ní ti agùnbánirọ̀, fódà oníbàárà mẹ́ta rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fún un. Kò sì yẹ kí ìwé oníbàárà kankan wà ní `Anyone with the link`, nítorí ẹnikẹ́ni tí líǹkì náà bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè ṣí i.

Àkáùntì tó lágbára jù ní Google Workspace ni `Super Admin`. Ó lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni padà, ó sì lè pa àkáùntì rẹ́. Méjì ló tó fún ọ́fíìsì yìí, ọ̀kan fún ọ̀gá, èkejì fún ẹni kan tó fọkàn tán, kí iṣẹ́ má bàa dúró bí ọ̀kan bá sọ fóònù nù. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àkáùntì tí wọ́n fi ń ka ímeèlì, kí wọ́n sì tan ìjẹ́rìísí onígbésẹ̀ méjì sórí wọn. Bí akọ̀wé bá ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tún ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n gbàgbé ṣe, ipò `Help Desk Admin` ti tó o, kò sì lè fi í yí ti àwọn alábòójútó padà. Ní báńkì, irú ìpín kan náà ni pé akápò á bẹ̀rẹ̀ ìsanwó, ọ̀gá á sì fọwọ́ sí i láti orí àkáùntì tirẹ̀. Ẹ̀dà ìpamọ́ ọ́fíìsì náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí kò sí àkáùntì ojoojúmọ́ kankan tó lè pa á rẹ́, bíi díìsìkì tí wọ́n ń yọ kúrò lára ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ni kí wọ́n dá àkáùntì tirẹ̀ sílẹ̀ fún, kí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ tó bá wá, kí wọ́n sì pa á bó bá ń lọ. Ó yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láìka bí wọ́n ṣe fọkàn tán an sí, nítorí ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ yóò máa wọlé lórúkọ rẹ̀. Ní 2013, ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn ọ̀daràn jí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n fi wọ ẹ̀rọ ilé-ìtajà Target ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó nọ́ńbà káàdì báńkì bíi mílíọ̀nù 40 lọ.

Ọ̀nà méjì ni ètò yìí sábà máa ń gbà bàjẹ́. Èkínní ni kó le jù. Bí oníṣirò bá ní láti dúró ọjọ́ méjì kó tó rí fódà kan ṣí, yóò gba ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn lò, àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe kí ni kò sì ní jẹ́ òtítọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n á fi mọ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, tàbí àkáùntì kan tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹni tó ni ín wà ní ìsinmi. Ojútùú ni kí àṣẹ tó tọ́ máa tètè jáde. Èkejì ni kí àṣẹ máa ga bí òkìtì: ẹni tó pààrọ̀ iṣẹ́ mú ti àtijọ́ dání, ẹni tó sì ti kúrò ní ọ́fíìsì ṣì lè wọlé. Nítorí èyí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ọ̀gá á gbé ìwé àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀, á fi í wé orúkọ tó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á sì yọ ohun tí kò bá bára mu. Àkáùntì ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní dúró de oṣù mẹ́ta, ọjọ́ tó kúrò gan-an ni wọ́n á pa á.

Ibì kan wà tí ìlànà yìí kò dé. Kò lè dí akápò lọ́wọ́ láti ṣi àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ fún un lò, kò sì lè dí ímeèlì ẹ̀tàn lọ́wọ́ láti wọlé. Kòkòrò tó wọ àkáùntì `Standard User` pàápàá ṣì lè ti àwọn fáìlì tí ẹni tó ni àkáùntì náà ń kọ pa. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí agùnbánirọ̀ ọ́fíìsì yìí, oníbàárà mẹ́ta ni wọ́n á tún iṣẹ́ wọn ṣe láti inú ẹ̀dà ìpamọ́, nǹkan kan kò sì ní ṣe ìwé owó-oṣù àti ti àwọn oníbàárà yòókù.