Àwòrán Jímọ̀, Àwòrán Ọjọ́ Ìsinmi: Kí Ni Ká Kọ Sábẹ́ Rẹ̀?

Tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, WhatsApp á kún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán á gbé àwòrán mọ́ṣáláṣí síta. Ẹni tí kò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù á fi káàdì olódòdó tí wọ́n kọ "Jumat Mubarak" sí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó kan àwọn onígbàgbọ́: gèlè, aṣọ funfun, pẹpẹ, ọmọ kékeré tó ti sùn lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwòrán wọ̀nyí sábà máa ń dára. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ló máa ń bà á jẹ́.

Ẹ wo irú èyí. Ẹnì kan ya ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, bàtà ń bẹ lórí bàtà, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀. Àwòrán tó tutù ni. Abẹ́ rẹ̀ ló wá kọ ọ́ sí pé: "Ìwọ tó jókòó sílé, kí lo máa sọ lọ́jọ́ ìdájọ́?" Ẹni tó ń wò ó kò rí bàtà mọ́, àwáwí ló ń wá. Ó lè jẹ́ pé ibà ló dá a dúró sílé.

Nílẹ̀ Yorùbá, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó ba ará ilé. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alájì kí àbúrò jẹ́ díákónì, kí ìyá kan náà sì máa se oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Ẹran Iléyá ń wọ ilé onígbàgbọ́, ìrẹsì Kérésì ń wọ ilé mùsùlùmí. Àwọn èèyàn yìí kan náà ló wà nínú fóònù ẹni. Tí ẹ̀gbọ́n bá kọ̀wé sábẹ́ àwòrán Jímọ̀ rẹ̀, àbúrò tó jẹ́ díákónì wà lára àwọn tó máa kà á. Ọ̀rọ̀ tó dára níbẹ̀ ni èyí tí àbúrò lè kà láìrò pé wọ́n ń pe òun lẹ́jọ́, tí kò sì jọ pé ẹ̀gbọ́n ń fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́.

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ kíkọ, ó yẹ ká mọ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ gan-an ti máa ń wáyé. Nínú Jímọ̀, kútúbà méjì ni ìmáàmù máa ń ka kó tó ṣíwájú ìrun ràkáà méjì. Láàárín kútúbà méjèèjì, ó máa ń jókòó díẹ̀. Ìjókòó náà kì í pẹ́. Kí èèyàn mí kanlẹ̀, kó tọrọ nǹkan kan lọ́kàn, ìmáàmù ti dìde. Fáànù nìkan lèèyàn máa ń gbọ́, àti ikọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ mùsùlùmí fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Àmọ́ kò yẹ kí àwòrán ti ibẹ̀ jáde. Hádíìsì kan tó wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim sọ pé ẹni tó bá sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kó dákẹ́ nígbà tí ìmáàmù ń ka kútúbà, òun náà ti sọ ìsọkúsọ. Òmíràn nínú ti Muslim fi ẹni tó ń fọwọ́ pa òkúta wẹ́wẹ́ ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí sínú irú ẹ̀bi kan náà. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá lè kó bá èèyàn, kí la fẹ́ sọ nípa fóònù? Nítorí náà, ẹni tó bá gbé àwòrán kútúbà síta nígbà tí ìmáàmù ṣì wà lórí mínbárì ti fi aago fóònù rẹ̀ jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán tó lè tún ìyẹn ṣe. Ìgbà tí a bá ti sálámà sọ́tùn-ún sósì tán, tí èrò ti ń tú ká, ni àwòrán tó mọ́.

Ibẹ̀ náà ni ká ti mú àpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan kírun Jímọ̀ ní Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, ní Martins Street, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tó ń jáde, ó rí bàbá àgbàlagbà kan tó ṣì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó tọrọ àyè, ó yà á láti ẹ̀yìn: fìlà, èjìká, ìlẹ̀kẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ láti àárín ìka méjì. Kí ló fẹ́ kọ?

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ìtàn. Ó mọ̀ pé ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà, pé owó Mohammed Shitta ni wọ́n fi kọ́ ọ, pé João Baptista da Costa, ọ̀kan lára àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, ló kọ́ ọ, àti pé Súlútáànù Tọ́kì ló fún Shitta ní oyè Bey. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n bàbá tó wà nínú àwòrán ti sọnù sínú rẹ̀. Ìtàn mọ́ṣáláṣí ní àyè tirẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, orúkọ ibẹ̀ nìkan ni àwòrán yìí nílò.

Ó pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́: "Nígbà tí gbogbo ayé ń sáré lé owó, àwọn kan ṣì ń sáré lé Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára bàbá yìí. Ayé kò tó nǹkan." Èyí rọrùn láti kọ, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lóde. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó ti inú àwòrán wá. Ó bá bàbá mu, ó bá àlùfáà mu, ó bá òkú ọ̀run pàápàá mu. Ta sì ló sọ fún un pé owó kọ́ ni bàbá náà ń tọrọ?

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, àti ohun tó ń ṣe òun fúnra rẹ̀ nígbà tó dúró síbẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí:

"Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, lẹ́yìn Jímọ̀. Àwọn èèyàn ti lọ. Bàbá yìí ṣì ń ka tẹ̀sùbáà, èmi náà kò tíì fẹ́ wọ bàtà mi."

Ó parí síbẹ̀. Ibi tí a wà, ìgbà tó jẹ́, ohun tí ojú rí, àti nǹkan kékeré kan tí àwòrán kò lè fi hàn: pé ẹni tó yà á kò fẹ́ lọ. Kò sọ pé òun fẹ́ràn Ọlọ́run, bàtà tí kò tíì wọ̀ ti sọ ọ́. Kò sì pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Onígbàgbọ́ tó bá kà á mọ irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, torí ó ti ṣe òun náà rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣófo. Gígùn rẹ̀ náà bójú mu. Nǹkan bí lẹ́tà 125 àkọ́kọ́ ni Instagram máa ń fi han èèyàn kó tó gé ìyókù, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í tẹ ibẹ̀ láti rí èyí tó kù.

Ibi tí ìwàásù ti sábà máa ń wọlé ni gbólóhùn ìkẹyìn. Èèyàn á kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ méjì, ẹ̀rù á wá bà á pé kò tíì tó, ó máa wá fi "ẹ jẹ́ ká" kan kádìí rẹ̀: ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́, ẹ jẹ́ ká ronú, ẹ má gbàgbé ilé Ọlọ́run. Ká fọwọ́ bo gbólóhùn náà, ká tún ọ̀rọ̀ kà. Bí kò bá sí ohun tó dín kù, a jẹ́ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ Kùránì tàbí ti Bíbélì náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí a bá kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ bí òǹtẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìdákẹ́jẹ́ ní ibi tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Áńgílíkà, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ìdàpọ̀ Mímọ́. Ẹni tó ti jẹ búrẹ́dì tó sì ti mu wáìnì á padà sí àyè rẹ̀, á kúnlẹ̀, ọwọ́ á wà lórí ìjókòó iwájú. Dùùrù á máa lọ lábẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó kù á máa wọ́ lọ síwájú. Ká ní Kàtídírà tó wà ní Marina, l'Ékòó, lọ̀dọ́kùnrin kan ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìsìn parí, ó ya ìjókòó tó ti ṣófo, ìwé orin kan ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ó lè kọ pé Olúwa tóbi. Kò sí ẹni tó máa bá a jà. Ṣùgbọ́n bó bá kọ èyí ńkọ́?

"Kàtídírà, Marina, lẹ́yìn Ìdàpọ̀ Mímọ́. Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo gbé wá. Nígbà tí mo kúnlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rántí."

Kò sọ ẹ̀bẹ̀ wo ni. Bó bá sọ ọ́, ó ti di ẹ̀rí jíjẹ́, àyè ẹ̀rí sì wà nínú ìsìn. Èyí tó fi pamọ́ ló jẹ́ kí ẹni tó ń kà á ronú kan tirẹ̀.

Àwọn kan á ní kò yẹ ká gbé àwòrán ilé àdúrà síta rárá, pé ṣekárími ni. Wọn kò jẹ̀bi. Nínú Mátíù orí 6, Jésù bá àwọn tó ń gbàdúrà kí èèyàn lè rí wọn wí. Nínú ìmọ̀ Ìsìláàmù náà, ṣekárími wà lára ohun tí Ànábì kìlọ̀ fún ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gidigidi. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Ẹni tó kọ pé "n kì í pa Jímọ̀ jẹ, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n" ń polówó ara rẹ̀. Ẹni tó kọ pé ẹ̀bẹ̀ méjì sọnù lọ́kàn òun kò rí ohun kankan tà níbẹ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn ẹni kò balẹ̀ lórí rẹ̀, kí àwòrán náà dúró sínú fóònù. Kò sí Jímọ̀ tàbí ìsìn tó ń sọnù nítorí pé a kò fi han ayé.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú àwòrán ló kù. Wákàtí 24 ni WhatsApp máa ń fi àwòrán sítátọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó tó yọ ọ́, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí náà, ẹnikẹ́ni tó rí i lè gbà á sórí fóònù tirẹ̀. Ẹni tó wà ní ìforíkanlẹ̀ tàbí tó ń sunkún níwájú pẹpẹ kò wá síbẹ̀ fún yín. Ẹ bi í kí ẹ tó gbé e síta. Bó bá ní òun kò fẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú rẹ̀.