Gbèsè Àwìn: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣírò Òfò Kí Ó Tó Dé

Owó àwìn ni owó ọjà tí oníbàárà ti gbé lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì san. Nínú ìwé ìṣirò, ara ohun ìní ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń ka owó yìí sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó rà láwìn ló ń san. Ilé iṣẹ́ tó ní mílíọ̀nù 20 náírà níta, tó sì kọ mílíọ̀nù 20 náà sílẹ̀ láìdín kọ́bọ̀, ti pe ara rẹ̀ ní ọlọ́rọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ. Nítorí náà, wọ́n máa ń yọ iye kan kúrò lórí ìwé fún èyí tó ṣeé ṣe kó má wọlé. Òun ni àyọsílẹ̀ fún gbèsè oníyèméjì. Kò sí owó kankan tí wọ́n kó sí báńkì nítorí rẹ̀; orí ìwé nìkan ló wà.

Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n yọ ọ́? Lábẹ́ ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní IAS 39, ó di ìgbà tí àmì òfò bá ti hàn: kí oníbàárà ti wọ gàù, tàbí kó ti kùnà láti san. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú rú ní 2008, àwọn ilé ìfowópamọ́ jẹ gbèsè tó bàjẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí òfò náà tó hàn nínú ìwé wọn. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìlànà ìṣirò owó àgbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù gbé IFRS 9 jáde ní oṣù keje 2014. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2018 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìlànà tuntun yìí sọ pé ọjọ́ tí wọ́n ta ọjà láwìn gan-an ni òfò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra tòmátì lápẹ̀rẹ̀ kò mọ èyí tó ti rà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé díẹ̀ á ti rà, kò sì ní dúró dìgbà tó bá tú apẹ̀rẹ̀ kó tó fi í sínú ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ kò lè dárúkọ oníbàárà tí kò ní san, ṣùgbọ́n ìtàn ọjà rẹ̀ lè sọ iye tí kì í wọlé nínú ọgọ́rùn-ún náírà.

Fún owó àwìn tí kì í pẹ́ nílẹ̀, ìlànà náà fàyè gba ọ̀nà tó rọrùn. Wọ́n á pín gbèsè sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tó ti kọjá àdéhùn, wọ́n á sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ìdá tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ: olùta sìmẹ́ǹtì kan

Ká sọ pé ilé iṣẹ́ kan ń ta sìmẹ́ǹtì fún àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, ó sì ń fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san. Lọ́dún kan tó ti kọjá, ó ta ọjà mílíọ̀nù 100 náírà láwìn. Mílíọ̀nù 60 wọlé kí àdéhùn tó pé. Mílíọ̀nù 20 wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn àdéhùn, mílíọ̀nù 10 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àti mílíọ̀nù 6 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn. Nínú mílíọ̀nù 4 tó kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́, mílíọ̀nù 2 padà wọlé. Mílíọ̀nù 2 yòókù jóná.

Mílíọ̀nù 2 tó jóná yìí ni wọ́n á fi wé iye tó dé ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 100 ló gba ìsọ̀rí àkọ́kọ́ kọjá, nítorí náà ìdá òfò rẹ̀ jẹ́ 2%. Mílíọ̀nù 40 péré ló kọjá àdéhùn, 2 nínú 40 sì jẹ́ 5%. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ, iye tó kù ń dín kù, òfò kò yí padà, ìdá náà sì ń ga sókè: 10%, 20%, títí dé 50%.

Ìtàn àná nìkan kò tó. Ìlànà náà ní kí wọ́n wo iwájú pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, owó ọkọ̀ gbówó lórí, ìdá òfò ìgbà tí epo ṣì wọ́n níwọ̀nba kò sì lè bá irú ọdún bẹ́ẹ̀ mu. Ká ní olùta sìmẹ́ǹtì yìí rí i pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń falẹ̀, tó sì fi ìdá kan nínú márùn-ún kún ìdá kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò ní lópin ọdún nìyí:

| Ìsọ̀rí gbèsè | Gbèsè (₦) | Ìdá | Àyọsílẹ̀ (₦) |
|---|---|---|---|
| Àdéhùn kò tíì pé | 10,000,000 | 2.4% | 240,000 |
| Ọjọ́ 1 sí 30 | 5,000,000 | 6% | 300,000 |
| Ọjọ́ 31 sí 60 | 2,000,000 | 12% | 240,000 |
| Ọjọ́ 61 sí 90 | 2,000,000 | 24% | 480,000 |
| Ó lé ní ọjọ́ 90 | 1,000,000 | 60% | 600,000 |
| Àpapọ̀ | 20,000,000 | | 1,860,000 |

Gbèsè tí ìwé yóò fi hàn jẹ́ ₦18,140,000. Bí àyọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ₦1,200,000, àfikún ₦660,000 nìkan ni wọ́n á yọ kúrò nínú èrè ọdún náà.

Ká wá sọ pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oníbúlọ́ọ̀kù kan tó jẹ ₦400,000 kó kúrò nílùú, kò sì sí ìrètí mọ́. Wọ́n á pa gbèsè rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé: gbèsè á di ₦19,600,000, àyọsílẹ̀ á di ₦1,460,000. Ìyókù ṣì jẹ́ ₦18,140,000. Èrè kò dín kù lọ́jọ́ náà, nítorí pé wọ́n ti yọ òfò náà kúrò lára èrè nígbà tí wọ́n ṣe àyọsílẹ̀.

Ibi tí ìṣirò ti ń yẹ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni fífún gbèsè tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì pé ní òdo. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ₦240,000 ni ìyẹn ìbá gbé pamọ́.

Èkejì ni sísọ gbèsè àtijọ́ di tuntun. Oníbàárà á mú owó wá, akọ̀wé á fi san ọjà àná dípò ọjà oṣù mẹ́rin sẹ́yìn; tàbí wọ́n á ya ìwé tuntun fún gbèsè tó ti pẹ́. Gbèsè tó ti lé ní ọjọ́ 90 lẹ́yìn àdéhùn á di èyí tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì pé, 60% á sì di 2.4%. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò lè rí i tó bá fi ọjọ́ orí ìwé ọjà wé ọjọ́ tí ọjà kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí.

Ẹ̀kẹta ni dída oníbàárà tí kò jọra pọ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan tó ń dúró de owó ìjọba lè pẹ́ oṣù mẹ́fà kó sì san gbogbo rẹ̀, nígbà tí oníbúlọ́ọ̀kù kékeré tó pẹ́ oṣù méjì lè má san mọ́. Tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ wọ́n. Bí oníbàárà kan ṣoṣo bá sì di ìdajì gbogbo gbèsè mú, ìdá àròpọ̀ kò lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Bóyá ìdá tí wọ́n lò tọ́, ọdún tó tẹ̀ lé e ló ń fi hàn. Wọ́n á tọpa mílíọ̀nù 20 yẹn, wọ́n á ka iye tó jóná nínú rẹ̀. Bó bá sún mọ́ ₦1,860,000, ìdá náà dára. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 3, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì léraléra, ìdá náà kéré jù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí wọ́n tó pa ìwé ọdún dé.