Ìdínkù dátà nígbà wíwo fídíò lórí ayélujára

Ìdínkù dátà nígbà wíwo fídíò lórí ayélujára ni àwọn ọ̀nà tí òǹwòran ń gbà wo fíìmù, ìròyìn tàbí orin lórí fóònù láìjẹ́ kí dátà tó rà tètè tán. Méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà náà: yíyan ìpele àwòrán, àti gbígba fídíò sílẹ̀ sórí fóònù kí a tó wò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbígbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dín dátà kù, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ìpele àwòrán bá dọ́gba, iye dátà tí ìgbàsílẹ̀ ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wíwò lójú ẹsẹ̀ ń jẹ. Ìpele àwòrán ló ń pinnu iye dátà tí fídíò yóò jẹ. Ìgbàsílẹ̀ ń pinnu àkókò tí a ó ná dátà náà àti iye ìgbà tí a ó ná an.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ìlú bí Àgọ́-Àmọ́dù gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú yìí ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí ní agbègbè Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ fi ń wọ ayélujára, wọ́n sì ń ra dátà ní ìwọ̀n bí ẹni ń ra epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn NCC, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó kún ohun tí wọ́n ń tà, bí àfikún náà kò bá ti ju ìdá 50 nínú 100 lọ.

Bí fídíò ṣe ń jẹ dátà

Fídíò tó wà lórí YouTube tàbí Netflix kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ náà máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní oríṣiríṣi ìpele, yóò sì gé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Bí fóònù bá ń gba ègé kan, ó ń wọn bí ègé náà ṣe yára dé tó. Bí ó bá tètè dé, fóònù yóò béèrè ègé tó kàn láti inú ẹ̀dà tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá pẹ́, yóò sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀dà tó fúyẹ́. Èyí ni ìtumọ̀ "Auto" tí a máa ń rí lójú fóònù.

Ohun kan tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ń tinú ètò yìí jáde: nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára ló ń jẹ dátà jù. Ẹni tó ń wo fídíò láti inú oko iṣu, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, lè wo wákàtí kan kí ó má ná púpọ̀. Ẹni náà gan-an lè padà sí ìgboro, nítòsí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ó wo irú fídíò kan náà fún wákàtí kan, kí dátà rẹ̀ sì ti tán pátápátá. Kò sí olè kankan níbẹ̀. "Auto" ló gòkè nígbà tí ọ̀nà là.

Nọ́ńbà tí a ń rí lára ìpele, bíi 144p, 360p tàbí 720p, ń sọ iye ìlà píksẹ̀lì tó wà láti òkè àwòrán dé ìsàlẹ̀. Píksẹ̀lì ni àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Àwòrán 360p ní píksẹ̀lì 640 ní ìbú àti 360 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 230,400. Ti 720p jẹ́ 921,600, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin. Dátà kì í fìgbà gbogbo pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́rin gẹ́lẹ́, nítorí pé fídíò máa ń di fífún pọ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò kéré. Lójú fóònù kékeré, ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín 480p àti 720p.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò lè lo òfin kan: fídíò tó ń gba mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ mẹ́gábáìtì 450 ní wákàtí kan. Ìdí ni pé bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló sì wà nínú wákàtí kan.

Àpẹẹrẹ: fíìmù Aníkúlápó

Fíìmù Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan darí jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Òkè-Ògùn náà ni wọ́n ti yà á, ní abúlé fíìmù KAP tó wà ní Ìgbòjàyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 142, ìyẹn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 22.

Netflix sọ pé ìpele "Save Data" lórí fóònù ń jẹ́ kí ènìyàn wo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú gígábáìtì 1. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wo Aníkúlápó, yóò jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 400. Ní ìpele àárín, tí Netflix fi sí gígábáìtì 0.7 ní wákàtí kan, fíìmù kan náà yóò jẹ gígábáìtì 1.7 ó dín díẹ̀. Ní ìpele tó mọ́ kedere, èyí tó lè tó gígábáìtì 3 ní wákàtí kan, yóò gbà tó 7. Ìtàn kan náà ni, òṣèré kan náà ni, ṣùgbọ́n iye dátà ti di nǹkan bí ìlọ́po méjìdínlógún.

Láti yan ìpele náà lórí Netflix, a ó ṣí "App Settings", a ó tẹ "Mobile Data Usage", a ó sì yan "Save Data". Lórí YouTube, inú "Settings" ni a ti máa rí "Video quality preferences". Lábẹ́ apá tó jẹ́ ti dátà fóònù, a ó yan "Data saver". Bí a bá fẹ́ yan nọ́ńbà kan pàtó, a ó tẹ àmì tó dà bí eyín jíà lójú fídíò tó ń lọ lọ́wọ́, a ó tẹ "Quality", lẹ́yìn náà "Advanced". Ṣùgbọ́n fídíò tó wà lójú nìkan ni yíyàn tó gbẹ̀yìn yìí kàn. Tí fídíò mìíràn bá bẹ̀rẹ̀, fóònù yóò padà sí ìṣe rẹ̀ àtijọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù dátà nígbà tí wọ́n rò pé àwọn ti dí ihò náà.

Ìpele tó kéré jù náà ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tó wà lórí YouTube ni wọ́n ti kọ ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ara àwòrán. Ní 144p, lẹ́tà wọ̀nyẹn máa ń dàrú débi pé kò ní ṣeé kà, nígbà tí 240p tàbí 360p ṣì ń jẹ́ kí ó hàn. Ti Netflix yàtọ̀, nítorí pé ìtumọ̀ ibẹ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kíkọ, kò sì bá àwòrán bàjẹ́.

Gbígba fídíò sílẹ̀

Àǹfààní àkọ́kọ́ tó wà nínú ìgbàsílẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí a ná dátà olówó pọ́ọ́kú. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà máa ń ta dátà òru, èyí tó sábà máa ń ṣiṣẹ́ láti agogo méjìlá òru sí agogo márùn-ún ìdájí. Àǹfààní kejì ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ná an: bí ìdílé kan bá wo Aníkúlápó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìpele "Save Data" láìgbà á sílẹ̀, mẹ́gábáìtì 1,200 ló lọ, bí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, 400 ni.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò yára náà tó fún iṣẹ́ òru yìí. Bí ó bá ń gbé mẹ́gábíìtì 1 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mẹ́gábáìtì 400 yóò parí láàárín wákàtí kan. Ẹ̀dà gígábáìtì 7 kò lè parí láàárín wákàtí márùn-ún yẹn rárá, nítorí pé yóò gbà ju wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Nítorí náà ló fi yẹ kí a fi "Download Video Quality" sí "Standard" kí a tó sùn.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba ètò òru jẹ́. Èkíní ni pé áàpù máa ń wá pẹ̀lú "Wi-Fi Only" ní títàn. Ẹni tó bá lo dátà fóònù láìkọ́kọ́ pa á yóò jí ní òwúrọ̀ rí i pé kò sí ohun tó wọlé, dátà òru sì ti kọjá lọ. Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí agogo márùn-ún bá lù nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, áàpù kò mọ̀ pé dátà òru ti dópin. Yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, yóò sì máa jẹ dátà ọ̀sán. Ẹni tí kò bá lè jí pa á yẹ kí ó to ìwọ̀nba tí yóò parí ṣáájú àkókò náà.

Ohun tí a gbà sílẹ̀ kì í ṣe ti ẹni títí láé. Inú áàpù ni ó ń gbé, a kò lè fi Bluetooth fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. YouTube Go, áàpù tí Google ṣe fún irú àwọn agbègbè báyìí, fàyè gba pípín fídíò láti fóònù dé fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì ní ọdún 2022. Lórí YouTube, ẹni tí kò san owó Premium lè gba àwọn fídíò kan sílẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Bí ó bá ṣeé gbà, bọ́tìnnì "Download" yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ ń béèrè pé kí fóònù padà kan ayélujára láàárín wákàtí 48, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣí mọ́. Ẹni tó ń lọ sí oko fún odindi ọ̀sẹ̀ ní láti fi èyí sọ́kàn. Lórí Netflix, ọjọ́ ìparí ohun kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra, àwọn mìíràn sì máa ń parí ní wákàtí 48 lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láti wò.

Họ́tísípọ́ọ̀tù

Ibi kan wà tí gbogbo ètò òkè yìí ti lè já sí asán. Bí ẹnì kan bá tan họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù rẹ̀ fún ẹlòmíràn, fóònù tó gbà á yóò rò pé Wáì-Fáì ni òun wà. Ìpele "Save Data" tó jẹ́ ti dátà fóònù kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, "Wi-Fi Only" náà yóò sì ṣí ilẹ̀kùn fún ìgbàsílẹ̀. Dátà ẹni tó yá ni ní họ́tísípọ́ọ̀tù ni gbogbo rẹ̀ yóò máa jẹ, ìjà sì ti ń tibẹ̀ ṣẹlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹni tó gbà á lè tẹ orúkọ Wáì-Fáì náà nínú "Settings", kí ó yan "Treat as metered". Èyí yóò jẹ́ kí fóònù mọ̀ pé dátà tí a ń wọ̀n tà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo áàpù ló ń ka àmì náà sí. Ó dára kí a tún yan ìpele fúnra wa lójú fídíò.

Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Ìdánwò tó rọrùn ni kí a lọ sí "Data usage" nínú "Settings" fóònù, kí a kọ iye tí áàpù náà ti jẹ sílẹ̀, kí a wo fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a sì padà wò ó. Ìyàtọ̀ náà ní ìlọ́po mẹ́fà ni ohun tí wákàtí kan yóò jẹ. Bí ẹni tó yan 360p bá rí mẹ́gábáìtì 200 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé fídíò náà ti kúrò ní ìpele tó yàn. Ó sì tún lè jẹ́ pé àwọn fídíò tó ń dá bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé àkọ́kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Lórí YouTube, "Playback in feeds" ni a fi ń pa wọ́n.