Omi Òjò Láti Orí Òrùlé: Bí A Ṣe Lè Da Omi Àkọ́kọ́ Nù

Omi tí ó kọ́kọ́ ṣàn kúrò lórí òrùlé ni ó máa ń dọ̀tí jù, nítorí òun ni ó ń fọ eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti aláǹgbá kúrò. Bí a bá fẹ́ mu omi òjò, ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò: irú òrùlé tí a ní, àti ọ̀nà tí omi àkọ́kọ́ yìí kò fi ní dé inú táǹkì.

Òrùlé páánù tí kò dípẹtà, ti alumíníọ́mù àti ti amọ̀ sísun ni ó dára jù fún omi mímu. Páánù tí ó ti dípẹtà a máa sọ omi di pupa, ìdọ̀tí a sì máa há sí ara rẹ̀. Koríko àti imọ̀ ọ̀pẹ a máa yí àwọ̀ omi padà, kòkòrò a sì máa gbé inú wọn. Bí òjé bá wà nínú ọ̀dà òrùlé tàbí lára ohun tí a fi dí i, kí a má ṣe mu omi rẹ̀ rárá. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, sísè kò sì lè mú un kúrò nínú omi.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tí apá kan òrùlé rẹ̀ bo ilẹ̀ mítà 6 sí mítà 5, èyí tí í ṣe mítà 30 níbùú-lóròó. Mílímítà òjò 1 lórí rẹ̀ yóò mú lítà 30 wá. Iye yìí ni a ó dà nù.

A ó fi oríta sí páìpù tí ń lọ sí táǹkì, kí ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Mítà 1 páìpù oní-ínṣì 4 ń gba nǹkan bí lítà 8, nítorí náà àpapọ̀ wọn yóò gba lítà 33. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà nínú ẹsẹ̀ páìpù náà. Bí omi bá ti kún, bọ́ọ̀lù yóò léfòó, yóò sì dí ẹnu tóóró tí ó wà lókè. Omi tí ó tẹ̀ lé e yóò wá gba ọ̀nà táǹkì.

A ó lu ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, kí omi inú rẹ̀ lè máa kán tán díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn òjò. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ṣì kún ní ọjọ́ kejì, ihò náà ti dí. Bí a kò bá là á, ìdọ̀tí òjò tí ń bọ̀ yóò wọ táǹkì tààrà.

Ohun-èlò yìí ń dín ìdọ̀tí kù, kò lè pa kòkòrò àrùn. Nítorí náà, kí a jẹ́ kí omi mímu hó yaya fún ìṣẹ́jú 1, ó kéré tán, kí a tó mu ún.