Igun Bùrúsítà

Ọ̀rọ̀-orúkọ, nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀. Igun tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi kan ojú omi tàbí gíláàsì kí gbogbo èyí tí ó ta padà lè máa mì ní ìhà kan ṣoṣo. Dáfídì Bùrúsítà, onímọ̀ ọmọ Sìkọ́tíláńdì, ni ó gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1815.

Àlàyé: Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa mì sí ìhà gbogbo. Bí ó bá kan omi, apá kan a ta padà, apá kejì a tẹ̀ wọ inú omi. Nígbà tí ọ̀nà méjèèjì bá fi 90° gẹ́lẹ́ yà sí ara wọn, mímì ti ìbú nìkan ni ó kù nínú èyí tí ó ta padà. Ìṣirò rẹ̀ ni tan θ = n₂/n₁, níbi tí n ti dúró fún ìwọ̀n bí ohun kan ti ń dín eré ìmọ́lẹ̀ kù. Ti afẹ́fẹ́ tó 1, ti omi jẹ́ 1.33; θ jẹ́ nǹkan bí 53°.

Ìlò: Láti ìlà tí ó dúró ṣánṣán lórí omi ni a ti ń wọn igun yìí, kì í ṣe láti ojú omi. Nítorí náà, “oòrùn ga ní 53°” jẹ́ àṣìtúmọ̀. 37° ni ó ga nígbà náà. Ẹni tí ó bá wo omi nínú gíláàsì tí ń gba mímì ìhà kan ṣoṣo láyè, tí ó sì ń yí i, yóò mọ ìyàtọ̀: ní 37°, dídán oòrùn lójú omi a pòórá; ní 53°, apá kan rẹ̀ a ṣẹ́kù. Ti irin dídán kì í pòórá tán ní igun kankan.